Aago Tí Wọ́n Fà Sẹ́yìn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lágboolé wa lọ́jọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá 2025. Èmi kì í ṣe olófòófó o. Fèrèsé mi ló kọjú sí ìta; ṣé kí n wá máa di ojú ni?

Ẹ mọ Màmá Àgbà ní yàrá ìsàlẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Àkànní, wà ní Húsítìnì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ń ṣiṣẹ́ òru níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Tó bá délé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tó wẹ̀ tán, aago mẹ́jọ á lù lọ́dọ̀ rẹ̀, á sì pe ìyá. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, aago méjì ọ̀sán nìyẹn. Láti Oṣù Kẹta ló ti rí bẹ́ẹ̀, wákàtí mẹ́fà la fi ṣíwájú wọn, àwa náà sì ti fi ìpè yẹn ṣe aago. Ìyá alákàrà wa pàápàá, tó bá ti gbọ́ “Àkànní ọkọ mi”, á lọ rẹ ẹ̀wà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kò tí ì tó aago méjì tí Màmá ti gbé àpótí síbi kànga. Ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ́ ilé alájà mẹ́ta sẹ́yìn wa ló dí wa lójú, ẹni tó jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀... ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Màmá gbé fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì yẹn lé itan. Aago méjì lù. Fóònù kò dún.

Ọmọ Ìyá Ràṣídì ní kí Màmá jẹ́ kí òun fi fóònù náà fíláàṣì ẹnì kan. Ojú tí Màmá fi wò ó, ọmọ náà ò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n gbé àmàlà wá, ó ní kí wọ́n dé e. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, mo rí i bó ṣe ń yí ìdí lórí àpótí, ṣùgbọ́n kò dìde.

Mo wá sọ fún un pé, “Màmá, ẹ jẹ́ á mú sùúrù, mo gbọ́ pé àwọn òyìnbó máa ń yí aago padà lásìkò yìí.”

Ìyá Ràṣídì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi! Ọmọ rẹ̀ kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ sì mọ̀ pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè òkun tí kò ní dá ṣe àlàyé. Ó ní wọ́n ti yí i lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, pé ọmọ òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, pé tẹ́lẹ̀ aago wọn bá tiwa dọ́gba, ní báyìí a fi wákàtí kan ṣíwájú wọn. “Ó ti parí,” ló wí. “Tí Àkànní ò bá pè, a jẹ́ pé ara rẹ̀ ò yá nìyẹn.”

Ha! Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lójú àgbà nìyẹn? Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bá orí Àkànní sọ̀rọ̀. Ó fi oríkì rẹ̀ pè é títí omi fi ń bọ́ lójú èmi tí mo wà lẹ́yìn fèrèsé.

Aago mẹ́ta lù gééré, fóònù dún.

“Màmá, ẹ kú ọ̀sán o!” Ohùn ọmọ náà ń dán. Ó ní aago mẹ́jọ géérégé ni. Lóòótọ́ ni! Lóru ọjọ́ náà ni Amẹ́ríkà yí tiwọn. Tó bá di aago méjì òru, wọ́n á dá a padà sí aago kan. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kọkànlá ni tiwọn, èyí tó gbẹ̀yìn nínú Oṣù Kẹwàá sì ni ti Lọ́ńdọ̀nù. Àwa ò yí ohunkóhun ní tiwa, ni mẹ́fà bá di méje. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Àkànní fi wákàtí kan kún iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà, ó ti ń ráhùn ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, síbẹ̀ kò wá sí i lọ́kàn pé ìyá àgbà rẹ̀ lágboolé ò bá wọn fa aago sẹ́yìn.

Màmá ní, “Oòrùn ńkọ́? Ṣé wọ́n fa òun náà sẹ́yìn?”

Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń bẹ̀bẹ̀. Màmá ní aago méjì ọ̀sán tòun ni kó máa pè. Bó bá jẹ́ aago méje lọ́dọ̀ rẹ̀, kó tètè kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àkànní ní aago méje gan-an ni àwọn ń ṣíwọ́. Màmá ní kó máa pe òun lójú ọ̀nà nígbà náà.

Ó fún Ìyá Ràṣídì ní fóònù náà pé kó wá bi Àkànní bóyá ara rẹ̀ ò yá. Ìyá Ràṣídì ní ẹ̀fọ́ òun ń jóná lórí iná. Ẹ̀fọ́ wo? Àbí èmi tí mo wà lójú fèrèsé ò mọ̀ pé kò dáná rárá lọ́jọ́ náà?