Bíró Búlúù Ẹni Tó Ni Ìwé Tẹ́lẹ̀

Ìwé àlòkù tí ọmọ ilé-ìwé ń rà ní Òṣogbo tàbí Iléṣà kì í dá wá: ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi bíró búlúù kọ ìdáhùn tí kò tọ̀nà sí etí rẹ̀. Tí a bá ti fi síkánà ya ojú ewé náà, ọ̀pọ̀ a máa sáré lo irinṣẹ́ tó ń gbá èérí kéékèèké dànù. Àṣìṣe ńlá ni. Lójú irinṣẹ́ yẹn, èérí ni àmì ohùn àti àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ; yóò gbá Ìjẹ̀ṣà di Ijesa, bíró á sì jókòó síbẹ̀ digbí.

Àwọ̀ ló yẹ kó ya bíró sọ́tọ̀ kúrò lára ìtẹ̀wé. Ẹ ya ewé náà ní aláwọ̀, kì í ṣe ní dúdú-òun-funfun. Nínú GIMP, ẹ mú `RGB Blue` lábẹ́ `Extract Component`. Búlúù á ṣí níbẹ̀. Yíǹkì ìtẹ̀wé dúdú kò ní ṣí, kódà níbi tí bíró ti gorí lẹ́tà. Ẹ wá fi `Levels` sọ òjìji tó kù di funfun, kí ẹ sì dáwọ́ dúró kí àmì orí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́. Lóòótọ́, ewé tó ti pọ́n máa ń ṣókùnkùn ní `RGB Blue`, ṣùgbọ́n `Levels` kan náà ló ń wò ó sàn. Máàkì pupa olùkọ́, `RGB Red` ni tirẹ̀. Ẹni tó fi bíró dúdú kọ ló borí wa: ọwọ́ la ó fi pa tirẹ̀ rẹ́, díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan á ní ìtàn ni àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn. Ó dáa, ẹ tọ́jú àwòrán àkọ́kọ́. Ìdáhùn tí kò tọ̀nà náà kò ní sá lọ.