Késì Wọ Báàgì, Iṣẹ́ Mi Ò Wọ Késì

Fídíò òde ìgbéyàwó ni mo fi ń jẹun l'Ékòó, orí kọ̀ǹpútà ni mo sì ti máa ń gé e. Késì ńlá kan ló wà tẹ́lẹ̀, abẹ́ tábìlì ìránṣọ ìyàwó mi ló máa ń jókòó sí, ojoojúmọ́ ni ìyàwó mi sì ń bi mí pé, "Bàbá Tọ́ba, ìgbà wo lẹ fẹ́ gbé pósí yìí kúrò níbí?" Ìgbà tí pírósẹ́sọ̀ inú rẹ̀ darúgbó, mo ní àsìkò tó. Mo lọ sí Ìkẹjà, mo sì rí késì mini-ITX kan tó wọ inú báàgì tí mo fi ń gbé kámẹ́rà. Ìfẹ́ kó sí mi lójú.

Mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á pé kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ńlá tó wà nílé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwọ̀n nìkan ni." Kò purọ́ o. Bọ́ọ̀dù ATX, tí Intel gbé jáde ní 1995, gùn ní mìlímítà 305, ó sì fẹ̀ ní 244. Mini-ITX, tí VIA mú dé ní 2001, jẹ́ 170 ní gígùn àti ní fífẹ̀. Pírósẹ́sọ̀ kan náà wọ inú méjèèjì, iṣẹ́ kan náà ló sì lè ṣe nínú wọn. Ohun tí mi ò béèrè ni pé kí ni wọ́n yọ kúrò kí ìwọ̀n yẹn tó lè kéré. Mo sanwó késì, bọ́ọ̀dù àti pírósẹ́sọ̀ tuntun, mo sì ń fò fẹ̀rẹ̀ lọ sílé.

Páwà ló kọ́kọ́ kọ̀ fún mi. Ti ilé fẹ̀ ní mìlímítà 150, ó sì ga ní 86, àyè tí wọ́n ṣí sílẹ̀ nínú késì tuntun sì jẹ́ ti SFX, tó fẹ̀ ní 125, tí gíga rẹ̀ kò ju 63 àti ààbọ̀ lọ. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, àfi bíi pé mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni. Mo padà s'Íkẹjà lọ ra SFX. Nígbà tí mo dé, ó kan kúlà tí yóò máa fẹ́ atẹ́gùn sí pírósẹ́sọ̀. Èyí tí mo ní ga ní 155, késì náà kò sì gbà ju 65 lọ. Ọ̀gá ni mí, mi ò ní í gba ìwọ̀sí lọ́wọ́ páànù. Mo fi ẹ̀gbẹ́ késì sílẹ̀ láìdé, mo sì ń ṣiṣẹ́ lọ títí ọmọńlé kan fi kó sí inú fáànù. Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ.

Mo ra kúlà kúkúrú. Ó wọlé, a sì dé késì. Ṣùgbọ́n irin kékeré ló wà lára kúlà kúkúrú, afẹ́fẹ́ tó wà nínú àpótí yẹn kò sì pọ̀. Nígbàkúùgbà tí mo bá ní kí kọ̀ǹpútà da fídíò ìgbéyàwó tó gùn pọ̀, fáànù a bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro, ooru pírósẹ́sọ̀ a sì sún mọ́ ìwọ̀n 95. Bó bá ti dé ibẹ̀, pírósẹ́sọ̀ á fúnra rẹ̀ fa ìrìn sẹ́yìn kó má baà jóná. Mo ra pírósẹ́sọ̀ tó yára, mo sì kó o sí ibi tí kò ti lè sáré. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú èyí ń ṣe òun, kó máa wo ìyára pírósẹ́sọ̀ bí iṣẹ́ ti ń lọ: bó bá bẹ̀rẹ̀ ní òkè, tó wá ń wálẹ̀ bí ooru ṣe ń gòkè, ọ̀ràn náà nìyẹn.

Gbogbo èyí ṣì ṣe é fara dà. Ohun tó pa mí lẹ́kún ni káàdì. Méjì ni mo ń lò: ti gíráfíìsì, àti èyí tó ń gba àwòrán láti inú kámẹ́rà fún àwọn tó bá fẹ́ wo òde láti òkè òkun. Mo fi gíráfíìsì sínú ihò rẹ̀, mo wá gbé ìkejì lọ́wọ́, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ihò rẹ̀. Mo wá a lábẹ́ wáyà, mo wá a lẹ́bàá ráàmù. Kò sí. Bọ́ọ̀dù mini-ITX kò ní ju ihò káàdì kan lọ. ATX lè ní méje. Ihò ráàmù náà, méjì péré ni, mo sì ti dí méjèèjì, nítorí náà bí mo bá fẹ́ fi kún ráàmù, mo ní láti yọ èyí tó wà níbẹ̀ sọnù ná. Ibi tí wọ́n ti fún mi ní ààyè ìpamọ́ kejì, ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù ni, ìyẹn ni pé mo gbọ́dọ̀ tú gbogbo rẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀.

Mo wá ní ọgbọ́n. Mo ní kí n gbé bọ́ọ̀dù kékeré náà padà sínú késì ńlá. Ó wọ̀ wẹ́rẹ́! Ihò ìdè mẹ́rin tí mini-ITX ní wà lára àwọn ti ATX gan-an, ojú ẹ̀yìn tí wáyà ń gbà wọlé sì jẹ́ ìwọ̀n kan náà nínú gbogbo wọn. Kúlà ńlá padà sórí rẹ̀, páwà àtijọ́ padà, ooru lọ sílẹ̀. Mo ń yọ̀, mo gbé káàdì kejì, mo sì rántí pé ihò kò sí lára késì. Ara bọ́ọ̀dù ló wà. Àwọn fèrèsé tó kù ṣófo lẹ́yìn, kò sì sí ohun tó lè ti ibẹ̀ yọjú.

Mo fi owó lé e, mo sì fi pààrọ̀ micro-ATX. Òun ló yẹ kí n ti rà látìbẹ̀rẹ̀. 244 ní gígùn àti ní fífẹ̀ ni, ihò mẹ́rin ló lè ní, ó sì sábà máa ń dínwó ju mini-ITX lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ka ihò mẹ́rin yẹn sí mẹ́rin. Káàdì gíráfíìsì òde òní sanra, tèmi bo ihò kan tó wà lábẹ́ rẹ̀ pátápátá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo èkejì. Èyí tó kù nísàlẹ̀ gbà káàdì kámẹ́rà mi. Káàdì kẹta kò ní ibi tí yóò dúró sí, mi ò sì ní káàdì kẹta. Ẹni tó jẹ́ pé káàdì kan ṣoṣo ló ń lò, tó sì ń gbé kọ̀ǹpútà kiri, kó máa fi mini-ITX rẹ̀ ṣe fáàrí. Èmi kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Kí n tó gbé e sínú késì ńlá, mo yí àwọn òpó kékeré onírin tí bọ́ọ̀dù ń jókòó lé. Ìlà ìsàlẹ̀ micro-ATX bọ́ sí ibi tí ATX kò ti ní òpó rárá, ó ga ju ti ATX lọ. Mo fi òpó síbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ra késì micro-ATX, mo sì fún àbúrò ìyàwó mi ní késì ńlá pẹ̀lú bọ́ọ̀dù ATX àtijọ́ nínú rẹ̀, mo sì fọwọ́ ara mi dè é.

Kò tàn. Fáànù a mì tìtì, a sì kú. Mo ní kó fara balẹ̀, pé bọ́ọ̀dù ti darúgbó, kó lọ ra òmíràn. Ó ti ń béèrè iye rẹ̀ kí n tó rántí òpó. Àwọn tí mo fi síbẹ̀ fún micro-ATX ṣì wà, abẹ́ ATX kò sì ní ihò kankan níbẹ̀, irin wọn kàn ń kan àwọn ọ̀nà iná lẹ́yìn bọ́ọ̀dù ni. Mo yọ wọ́n, ó tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá, owó ọkọ̀ mi dà?"