Ta ló ní kí n má kí ènìyàn kí n tó tajà?

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà lórí fóònù, ẹ ṣáà mọ ohun tójú mi ń rí. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí, mo ya fọ́tò aṣọ tó dáa, mo jókòó, mo fara balẹ̀, mo kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń kọ ọ́: «Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin oníbàárà wa àtàtà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìnáwó. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí wa sí di oṣù tuntun.» Ìgbà yẹn ni mo wá sọ ọjà, mo sọ iye ọ̀pá, mo sọ owó, mo sọ ọ̀nà ìsọ̀. Kí ni wọ́n fi san án fún mi? Wọ́n gé e! Bí mo ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tán báyìí ni wọ́n fi `... more` dí mi lẹ́nu!

Ìkànnì tí mo ti ń tajà yìí ló sì sọ fúnra rẹ̀ pé mo lè kọ tó lẹ́tà 2,200 o. Àmọ́ nǹkan bíi 125 àkọ́kọ́ péré ni ẹni tó ń kọjá máa rí, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ sì wà nínú ìṣirò náà. Ẹ fún mi ní odidi pápá, ẹ wá ní orí ẹní ni kí n ti jó! Ìkíni tí mo kà fún yín lókè yẹn nìkan ti lé ní 110. 125 ọ̀hún gan-an ò dúró sójú kan, torí bí ojú fóònù ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n ń wò: ẹni tó bá sọ lẹ́tà fóònù rẹ̀ di ńlá kò ní rí tó bẹ́ẹ̀, bí o bá sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà tuntun kí ọ̀rọ̀ lè lẹ́wà, ìlà kan ti bọ́ nìyẹn. Orúkọ ìsọ̀ mi ńkọ́? Òun ló ń ṣáájú ọ̀rọ̀ lórí ìlà kìíní, ó gùn torí pé mo fi bọlá fún bàbá bàbá mi, àfi bí ẹni pé bàbá àgbà náà ń bá mi du àyè!

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé wọn ò ka ìyókù? Ẹ yẹ ohun tí wọ́n ń kọ fún mi wò: «Èló ni?» Òmíràn: «Èló ni?» Òmíràn: «Ibo lẹ wà?» Háà! Owó wà níbẹ̀! Ìtòkú wà níbẹ̀! Mo kọ ọ́, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, wọ́n sì ń bi mí bí ẹni pé mo fi pamọ́, tí mo bá sì fi máa dáhùn ẹni kẹta, ẹni kìíní ti lọ ra ti ìsọ̀ kejì!

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní, «Bọ̀dá, ohun tí fọ́tò ò lè sọ ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú. Wọ́n ti rí i pé aṣọ ni. Ẹ̀rù tó ń ba ẹni tó ń ra àdìrẹ ni pé kó má ṣá, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.» Ó bá kọ ọ́ báyìí: «Ẹ fọ̀ ọ́ títí, kò ní ṣá! Àdìrẹ Ìbàdàn dùn, ọ̀pá márùn-ún, ₦18,000. Ìtòkú, Abẹ́òkúta.» Kò tó 90! Kódà bí fóònù kékeré bá gé e, owó ṣì lè yọ, torí ó fi àdírẹ́sì sẹ́yìn owó. Ó wá kó gbogbo ìkíni mi lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo ní ṣé bí a ṣe ń wọlé tọ ènìyàn nìyẹn, kò sí ẹ kú ilé, kò sí ẹ kú iṣẹ́, owó ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu? Ó ní àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà ò tíì wọlé, pé kí wọ́n yà ná.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ó ṣiṣẹ́! Ariwo «Èló ni?» rọlẹ̀, «Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́» bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n wá sinmi báyìí? Ta ló fẹ́ kí n sinmi? Àǹtí mi kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pè mí lóru, ohùn le koko: «Ṣé a jà ni? O ò kí ẹnikẹ́ni mọ́, owó lo kàn ń pariwo!» Mo ní, «Ẹ má bínú, Àǹtí, mo kí yín, ìkíni wà nísàlẹ̀, ẹ tẹ `more`.»

Ó ní, «Tẹ kí ni?»