Ìlóṣòó Oníṣẹ́jú Mẹ́wàá

A kì í ṣoore tán ká lóṣòó tì í. Ẹni tó fún aládùúgbò níṣu tán, tó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti máa retí ìyìn, ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí bá wí. Wọn kò rí fóònù oníkámẹ́rà rí. Ká ní wọ́n rí i ni, wọn ìbá fi kún un pé ẹni tó bá tilẹ̀ lóṣòó, kó má tún ṣe láìfù.

Ẹ wo ètò ìfúnni kan tó wọ́pọ̀ lórí Fesibúùkù. Páálí indomí kan ṣoṣo, èèyàn méje ló dì í mú. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ìyá arúgbó tí wọ́n torí rẹ̀ wá nìkan ló ń wolẹ̀. Ayàwòrán ní kí ìyá dá páálí padà, kó tún un gbà, nítorí àsíá ẹgbẹ́ kò hàn dáadáa. Nígbà tó dalẹ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ti yí ìgbésí ayé ìyá náà padà. Ogójì ni indomí inú páálí. Bí ìyá bá ń jẹ ẹyọ kan lójúmọ́, ìgbésí ayé náà yóò yí padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lógójì ọjọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kọ́ ni pé wọ́n lóṣòó. Ìlóṣòó wọn ni kò pẹ́ tó. Nígbà tí oṣù mẹ́fà bá kọjá, tó yẹ kẹ́nì kan padà lọ wo ohun tí oore náà dà, kò sẹ́ni tó ń yọjú mọ́.

Àjọ charity: water, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Niu Yọ́ọ̀kì lọ́dún 2006, lóṣòó pẹ́. Lọ́dún 2010, wọ́n ń gbẹ́ kànga fún àwọn Bàyákà ní abúlé Moale, ní orílẹ̀-èdè Olómìnira Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, wọ́n sì ti múra láti fi bí omi yóò ṣe tú jáde han àwọn tó dáwó. Omi kò jáde. Ẹlòmíràn ìbá fi fídíò abúlé mìíràn dí i. Àwọn fi ìkùnà náà hàn bó ṣe rí. Nígbà tó yá, wọ́n padà sí Moale, omi sì jáde.

Ẹgbẹ́ kékeré lè ṣe irú rẹ̀ láìní ẹ̀rọ ìgbẹ́kànga. Ká mú ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ ogójì ọmọ ní ìwé kíkà ní Sátidé ṣe àpẹẹrẹ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé àwọn pín ìwé fún ogójì ọmọ, ohun tí ẹgbẹ́ ná ni wọ́n sọ. Bóyá ọmọ mọ̀wé kà, a ò tíì gbọ́. Ní Oṣù Kìíní, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka ojú ìwé kan náà. Ká ní mẹ́sàn-án ló kà á já. Ní Oṣù Keje, wọ́n fún wọn ní òmíràn tó le bákan náà: mẹ́tàlélógún kà á já, mẹ́sàn-án ṣì ń kọsẹ̀, mẹ́jọ kò wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu àwọn mẹ́jọ yẹn. Ẹni tó bá tọ̀ wọ́n lọ sílé lè gbọ́ pé Sátidé ni wọ́n ń kiri ọjà fún ìyá wọn. Ìròyìn dé nìyẹn, ìkùnà inú rẹ̀ ló sì sọ ohun tó kù láti ṣe: kíláàsì kejì nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Kí wọ́n má sì gbàgbé láti kọ ọ́ pé àwọn ọmọ náà ń lọ sílé ìwé, torí náà kì í ṣe ẹgbẹ́ nìkan ló ni ìyìn.

Ẹ̀bẹ̀ fún olùyọ̀ǹda náà yóò wá ní orí àti ìdí. "Ẹ wá, ká jọ yí ayé padà" ń kó àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò jọ ni. "A ń wá ẹni méjì tó lè jókòó ti ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, láago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá": ẹni tó kà á ti mọ̀ bóyá òun lè ṣe é.

Ti owó kò yàtọ̀. Oṣù Keje ọdún 2020 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Feminist Coalition sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tí ìwọ́de #EndSARS bẹ́ sílẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá ọdún náà, ẹgbẹ́ náà ń gbé iye owó ìtìlẹ́yìn ìwọ́de tó wọlé àti iye tó jáde sórí Tuwítà lójoojúmọ́. Ẹgbẹ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin gba owó tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàdínláàádọ́jọ náírà.

Ó ku fọ́tò. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ní Nàìjíríà fẹ́ kí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lo ìsọfúnni ọmọdé. Kí wọ́n fi fọ́tò han ìyá ọmọ, kí wọ́n sọ ibi tí wọn yóò gbé e sí, kí wọ́n sì jẹ́ kó mọ̀ pé bó kọ̀, ọmọ rẹ̀ kò ní pàdánù àyè rẹ̀ ní kíláàsì. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún, fọ́tò yóò kúrò lórí sítétọ́ọ̀sì Wasáàpù, ṣùgbọ́n kò ní kúrò lórí fóònù ẹni tó ti tọ́jú rẹ̀.

Láìkì irú ìròyìn yìí lè má tó ti páálí indomí. Ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ máa kà ni iye àwọn tó dáwó ní Oṣù Kìíní tó tún dá a ní Oṣù Keje, àti iye olùyọ̀ǹda tó wá ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tó ṣì wà níbẹ̀ ní ìkẹwàá.