Iṣẹ́ Ọlọ́run Ni Wọ́n Rán Ọ, Má Fi Tìrẹ Jẹ́ Ẹ

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọgbọ́n ńlá ni, torí ẹni tí ọba rán pé kó lọ bú ìjòyè gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe fọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ kó tó dé ọ̀hún. Ṣùgbọ́n àwọn oníwàásù orí Wasáàpù ti gba òwe yìí mọ́ra jù. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni wọ́n rán wọn, wọ́n á sì bá Ọlọ́run tún un ṣe. Wọ́n á gé e níbi tó gùn, wọ́n á fi tiwọn kún un níbi tí kò ta létí tó, wọ́n á wá lẹ orí àti ẹsẹ mọ́ ọn lábẹ́ àwòrán oòrùn tó ń yọ. Tiwa ni ká ṣe àmín.

Kékeré ni ti àwọn tó ń ti ọ̀rọ̀ tí Bíbélì kò sọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Pé Ọlọ́run ń ran ẹni tó bá ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́wọ́, Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ sínú àlímánáàkì rẹ̀ ní 1736. Kò sí nínú Bíbélì kankan. Àwọn tó gbọ́n féfé nínú wọn máa ń kọ “Ìwé Òwe” sábẹ́ rẹ̀ láìfi orí tàbí ẹsẹ sí i. Wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa ka orí 31 nítorí àtimú wọn.

Ẹni tí ẹsẹ tiẹ̀ wà lóòótọ́, tó wá lọ purọ́ mọ́ ibi tó ti mú un, òun gan-an ló ní ẹjọ́. Ẹ jẹ́ ká mú fáláyà ààwẹ̀ kan. Mátíù 17:21 ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i, níbi tí Jésù ti sọ pé irú ẹ̀mí kan wà tí kì í jáde àfi pẹ̀lú àdúrà àti ààwẹ̀. Wọ́n wá kọ NIV sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí NIV wò. Ẹsẹ 20 ń bẹ, ẹsẹ 22 ń bẹ, kò sí 21 láàárín wọn.

Orí ni ẹni tó ṣe fáláyà ti yọ ọ́. Láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ló ti há a láti inú KJV, orúkọ NIV sì ti wà lórí fáláyà ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò rántí pa á rẹ́. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì á fura kíá, torí Gẹ̀ẹ́sì ayé ọba Jémíìsì ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ 1978 ni odidi NIV jáde.

Bí ẹnì kan bá wá tọ́ka sí i, ariwo dé. Kíá ni wọ́n á gbé àtẹ̀jíṣẹ́ àtayébáyé kan jáde pé NIV ti yọ ọ̀rọ̀ tó lé ní 64,000 kúrò nínú Bíbélì, pé iṣẹ́ Sátánì ni, ká fi ránṣẹ́ sí gbogbo ará kílẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ń fi ránṣẹ́ kò wo ìsàlẹ̀ ojú ewé, níbi tí NIV ti sọ ní lẹ́tà wínníwínní pé àwọn ìwé àfọwọ́kọ kan ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Àlàfo náà kò sì ní awo nínú. Robert Estienne, òǹtẹ̀wé ará Faransé, ló fi nọ́ńbà sí àwọn ẹsẹ Májẹ̀mú Tuntun ní 1551, lórí ìwé Gíríìkì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ìwé Gíríìkì bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi túmọ̀ KJV ní 1611. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀mọ̀wé wo àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó dàgbà jù ú lọ, Sinaiticus àti Vaticanus, tí ọjọ́ orí wọn ti ọ̀rúndún kẹrin bọ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ kọ wọ́n kò kọ ẹsẹ yẹn síbẹ̀. Àwọn olùtumọ̀ gbé e sísàlẹ̀, wọ́n sì fi nọ́ńbà tó kù sílẹ̀ bó ṣe wà, torí bí wọ́n bá tún un kà, gbogbo ìjọ á ṣìnà. Nínú Bíbélì Mímọ́ ti Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó jáde lódindi ní 1884, ẹsẹ 21 jókòó sáàyè rẹ̀.

Ọlọ́gbọ́n kan á ní òun á sá lọ sí Máàkù 9:29, níbi tí ìtàn kan náà wà. NIV ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀: àdúrà nìkan ló wà lókè, ìsàlẹ̀ ojú ewé ni ààwẹ̀ wà. Olúwarẹ̀ á kọ KJV sí i, tàbí kó wá ẹsẹ mìíràn.

Kí oníṣẹ́ ṣí ìtumọ̀ tó fẹ́ dárúkọ gan-an, kó fi ìka tẹ̀ lé e lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá gé nínú rẹ̀, kó fi àmì ìdádúró mẹ́ta síbẹ̀. Àlàyé pásítọ̀, bó ti wù kó dùn tó, ìta àmì àyọlò ni ipò rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ Bíbélì Yorùbá ló lò, kó má kàn kọ “Yorùbá”; ìtumọ̀ Yorùbá ti ju ẹyọ kan lọ báyìí, kó sọ èyí tó mú àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ní àyè kò gba gbogbo ìyẹn lórí fáláyà. Àwòrán pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ló gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ bá wa fà wọ́n sẹ́yìn díẹ̀.