Sí Akọ̀wé Wa Tó Ra Àtíẹ́kẹ́ Sínú Ìkéde

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, akọ̀wé ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí wa ní Bùáké,

Mo gbọ́ fóìsì tẹ́ ẹ fi sórí Wásáàpù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ fèrè takisí, mo gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń bá ìyá alátíẹ́kẹ́ ná ọjà, mo sì gbọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ní, "Ẹ fi ẹja kan kún un," kẹ́ ẹ tó padà sórí ọ̀rọ̀ ìpàdé. Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ bi mí léèrè bóyá ti àlejò ni ẹja yẹn.

Èyí tó kan ìpàdé nínú rẹ̀ kò ju báyìí lọ: "Ìpàdé tá a sọ níjọ́sí, ó ti di alẹ́ Jímọ̀ o, lẹ́yìn Ìṣà, níbi tá a máa ń lò. Kí kálukú mú kẹ́mẹ́ márùn-ún dání. Ẹni tó jẹ gbèsè èṣí mọ ara rẹ̀, àwa náà sì mọ̀ ọ́n."

Alẹ́ Jímọ̀ wo, ẹ̀gbọ́n? Lọ́dọ̀ ẹ̀yin ọmọ kéwú, bí oòrùn bá ti wọ̀ ni ọjọ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ̀ ń pè ní alẹ́ Jímọ̀. Lọ́dọ̀ àwa tí ilé ìwé Faransé kọ́ ní kàlẹ́ńdà, ó dìgbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ bá ṣú. Ẹ̀yin mẹ́rin wá ní Ọjọ́bọ̀, ẹ jókòó, ẹ bínú. Àwa méje wá lálẹ́ ọjọ́ kejì, a jókòó, a bínú tiwa.

Ti owó ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Lédè Júlà, ọgọ́rùn-ún ni kẹ́mẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ka owó lọ́jà, sẹ́fà márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fi ń kà á, kẹ́mẹ́ kan á wá di 500 sẹ́fà. Kẹ́mẹ́ márùn-ún yín, 2,500 ni lójú àwọn ọlọ́jà. Àwọn ọ̀dọ́ wa sọ ọgọ́rùn-ún di ọ̀nà márùn-ún, wọ́n mú 500 wá, inú wọn sì ń dùn pé ìgbìmọ̀ ti ṣàánú wọn.

Nígbà tá a wá bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbé gègé. Ìkíni àti oyè gba ìdajì ojú ìwé, ẹ fi èdè Lárúbáwá bí ìlà méjì lé e, nísàlẹ̀ pátápátá "alẹ́ Jímọ̀" sì tún jókòó síbẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ gbé agbádá wọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ ò wẹ̀ ẹ́.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wá nínú fóìsì ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó wà níbẹ̀ nìkan ló lè yé: "níjọ́sí", "níbi tá a máa ń lò". Ẹni tó bá dúró níwájú ògiri tó ń kàwé, ẹ ò sí níwájú rẹ̀ tó lè bi yín léèrè. Ẹ rántí Bàbá ìsàlẹ̀ wa tó ń ti Èjìgbò gbọ́ ìpàdé lórí fóònù pẹ̀lú: aago tiwọn fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Ti gbèsè ní tirẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò; kí akápò lọ bá onígbèsè nílé. Kẹ́ ẹ sì tó kọ "ìgbìmọ̀ pinnu", ẹ ṣí ìwé ìpàdé wò bóyá ìgbìmọ̀ ló pinnu àbí ẹ̀yin nìkan. Mo ti bá yín wò ó: lóòótọ́ ni, 2,500 ló wà níbẹ̀.

Èyí ni mo kọ:

"ÌKÉDE. Ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí ń pe gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ sí ìpàdé lórí àtúnṣe ibi àlùwàlá, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá ọdún 2025, èyí tí Jímọ̀ yóò tẹ̀lé. Aago mẹ́jọ alẹ́ ní Bùáké, mẹ́sàn-án ní Nàìjíríà. Yàrá ilé kéwú tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ni a ó ti ṣe é. Gẹ́gẹ́ bí ìpinnu ìpàdé tó kọjá, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san 2,500 sẹ́fà fún akápò, yóò sì gba rìsíìtì. Ẹni tó ti san 500 yóò fi 2,000 kún un. Akọ̀wé, fún Ìgbìmọ̀."

Ẹ buwọ́ lù ú, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ buwọ́ lù ú sí i, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Nítorí àwọn ìyá wa tí kì í kàwé, ẹ tún kà á sínú fóìsì, ṣùgbọ́n inú ìwé ni kẹ́ ẹ ti kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ra àtíẹ́kẹ́ yín tán.

Èmi àbúrò yín