Ẹni Tó Ń Kanlẹ̀kùn Kò Gbọdọ̀ Wọlé

Nínú ìwé eré tí mo yọ láti inú ìtàn kúkúrú tí W. W. Jacobs kọ nípa ọwọ́ ọ̀bọ, òkú jáde sórí ìtàgé. Ó jáde tòun ti aṣọ iṣẹ́ tó ti fà ya, mo sì kọ ọ́ sínú ìtọ́sọ́nà pé kí wọ́n fi osùn pa á lójú kó lè jọ ẹ̀jẹ̀. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, mo tún fún un lọ́rọ̀ sọ. Ẹni tí ẹ̀rọ pa, tó ti kú láti ọjọ́ mẹ́wàá, dé ẹnu ọ̀nà, ó ní: "Ìyá mi, ẹ kú ilé o." Ẹni tó bá ń wá àpẹẹrẹ bí a ṣe ń ba ìtàn rere jẹ́ kò níláti rìn jìnnà, ìwé mi ń bẹ. Àṣìṣe yìí gan-an ni mo fẹ́ tú wò, torí pé àwọn àṣìṣe yòókù inú ìwé náà, ọmọ rẹ̀ ni gbogbo wọn.

Ọdún 1902 ni ìtàn náà jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tọkọtaya àgbà kan, Ọ̀gbẹ́ni White àti ìyàwó rẹ̀, ń gbé pẹ̀lú Herbert, ọmọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún wọn. Lálẹ́ ọjọ́ òjò kan, ọ̀rẹ́ wọn tó ń jẹ́ Morris, ológun tó ti lo ọdún 21 ní Íńdíà, mú ọwọ́ ọ̀bọ gbígbẹ kan wá. Wọ́n ní ẹni mímọ́ kan níbẹ̀ ló fi agbára sí i, pé ẹni mẹ́ta lè tọrọ nǹkan mẹ́ta mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá tọrọ 200 pọ́n-ùn kó fi san gbèsè orí ilé. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan wá láti ibi iṣẹ́ Herbert: ẹ̀rọ ti gbá ọmọ wọn mú, ó ti kú, owó tí ilé iṣẹ́ sì fẹ́ fi tù wọ́n nínú jẹ́ 200 pọ́n-ùn géérégé. Lẹ́yìn ìsìnkú, lóru, ìyá rántí pé ìtọrọ méjì ṣì kù. Ó fi dandan lé e pé kí ọkọ òun tọrọ kí ọmọ padà wá. Bàbá tọrọ ọ. Nígbà tó ṣe, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Ìyá sáré lọ ṣí i, bàbá ń táràrà kiri ilẹ̀ nínú òkùnkùn, ó ń wá ọwọ́ ọ̀bọ. Bí irin ìdábùú ilẹ̀kùn ṣe ń yọ ló rí i, ó tọrọ ìkẹta, kíkàn dákẹ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, kò sẹ́nì kankan níta.

Ìran kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kọ, ṣùgbọ́n láti ojú ìwé àkọ́kọ́ ìtàn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, tí mo ń gé díẹ̀ díẹ̀ bọ̀, bí ẹni tó ń gé eékánná ọmọ ọwọ́, pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Ohun tí mo ń sọ báyìí ni pé ìparí ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Wá ìgbà tí ọkàn òǹwòran máa dúró, kí o wá bi ara rẹ pé: kí ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kí ìgbà yẹn tó dé? Nínú ìtàn yìí, ìgbà náà ni kíkàn ilẹ̀kùn. Kó tó dún, òǹwòran gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun gbígbẹ yìí máa ń ṣe ohun tí a bá tọrọ, àti pé ó máa ń fi ibi san án. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìtọrọ ṣì kù. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ bí òkú náà ṣe rí nígbà tí wọ́n sin ín. Ohunkóhun tí kò bá gbé ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí dání, bó ti wù kó dùn tó, kó máa lọ.

Ayò ṣẹ́ẹ̀sì ló kọ́kọ́ yẹ kó lọ. Bàbá àti ọmọ ń ta á bí ìtàn ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá fi ìwàǹwára ti ọba rẹ̀ sínú ewu, nígbà tó rí àṣìṣe rẹ̀ tán, ó wá ń sọ̀rọ̀ nípa afẹ́fẹ́ kí ọmọ má bàa kíyè sí i. Ọgbọ́n ńlá ni èyí lójú ìwé, nítorí pé gbogbo ìwà ọkùnrin náà ti wà níbẹ̀. Lórí ìtàgé, ta ni yóò rí ọba tí kò tó àtàǹpàkò? Èmi kò kúkú gbà. Mo kọ ọ́ pé kí tábìlì dagun sápá kan kí èrò ẹ̀yìn lè rí ayò, láìrò ó pé ayò náà yóò máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìwà ìwàǹwára yẹn ṣì máa hàn, ṣùgbọ́n nínú bí bàbá ṣe ń gbà fún ìyàwó rẹ̀ ní kánmọ́kánmọ́ ni yóò ti hàn, kì í ṣe nínú ayò.

Ti Morris le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan lè sọ pé bí ológun yẹn kò bá wọlé, kò sẹ́ni tí yóò gba ọwọ́ ọ̀bọ gbọ́, àti pé Louis N. Parker, tó sọ ìtàn yìí di eré ní 1903, kò yọ ọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìran mẹ́ta wà lọ́wọ́ Parker. Ìran kan péré ló wà lọ́wọ́ mi, mo sì jẹ́ kí Morris jókòó tì í, kó máa mu ọtí, kó máa rojọ́ Íńdíà, títí ó fi di pé eré tirẹ̀ ni tọkọtaya wá wò. Kì í ṣe ẹnu àlejò ló ń mú kí a gba irú nǹkan báyìí gbọ́. Ohun tó ti ṣe ni. Nítorí náà, ẹ gbé àpòòwé owó náà sórí tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ ìran, láìṣí i. Ìyá fẹ́ gbé àbẹ́là kalẹ̀, àyè kan ṣoṣo tó wà ni ẹ̀gbẹ́ àpòòwé, kàkà kó sún un, ó di àbẹ́là mú lọ́wọ́. Bàbá ní, "Igba pọ́n-ùn ni mo sọ. Igba pọ́n-ùn náà ni wọ́n gbé wá." Ìyá ní, "Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ṣì tọrọ." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ti ṣe iṣẹ́ Morris tán, kò sì béèrè ọtí.

Mo ní Asọ̀tàn náà, ó wọ agbádá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìfẹ́ tí mo ní sí gbólóhùn Jacobs ló bí i. Nígbà tí bàbá bá sọ̀ kalẹ̀ lọ mú ọwọ́ ọ̀bọ nínú òkùnkùn, Asọ̀tàn á ní ẹ̀rù ń bà á. Òṣèré sì wà níbẹ̀ tó ń gbọ̀n. Wọ́n ń sọ fún òǹwòran ohun tó ń fojú ara rẹ̀ rí, bí ẹni tó ń túmọ̀ Yorùbá fún Yorùbá. Gbólóhùn tó bá ṣeé fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ṣe, kó di ìṣe: ọwọ́ tó na síwájú, tó kan nǹkan gbígbẹ náà, tó fà sẹ́yìn, tó tún na padà. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ibìkan tún wà tí ìwé àti ìtàgé ti yapa pátápátá. Nínú ìtàn, bàbá wà lókè nínú yàrá, ìyá wà nísàlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Etí bàbá la fi ń gbọ́ ṣéènì tó ń já, àti igbe ìyá pé ọwọ́ òun kò tó irin òkè. Mo kọ ilé alájà méjì sínú ìwé mi, àtẹ̀gùn àti gbogbo rẹ̀, bí ẹni pé mo ní káfíńtà lábẹ́ ìbùsùn. Inú yàrá kan ni Parker fi gbogbo rẹ̀ sí, òun ló sì jàre. Bí ilẹ̀kùn àti ilẹ̀ tí bàbá ń fọwọ́ wá kiri bá wà lójú kan náà, òǹwòran á máa wo ìyá tó ń fa àga lọ sẹ́nu ọ̀nà, á tún máa wo bàbá tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibi tí nǹkan náà wà kọjá. Ṣùgbọ́n kí irin òkè tó lè wúlò, ẹ ti gbọ́dọ̀ rí i tẹ́lẹ̀. Jẹ́ kí bàbá na ọwọ́ gùn-ún-rùn-gùn tì í nígbà tó ń múra àtisùn, kí ìyá wà níbẹ̀, kó kúrú sí i.

Wàyí o, òkú. Àtakò tó lágbára jù ni pé èrò tiwa kì í sá fún iwin lórí ìtàgé. Wọ́n sanwó kí wọ́n lè rí i ni. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn Ọ̀mùtí ti Tutùọlá kalẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ṣebí ìlú òkú gan-an ni wọ́n lọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ìlú òkú ni ibi tí ìrìn ń lọ. Bí a kò bá rí i, a kò dé ibì kankan. Nínú ìtàn Jacobs, kò sẹ́ni tó ń rìn lọ síbì kan. Ìjà ló wà láàárín ìyá tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn àti bàbá tí kò fẹ́ kó ṣí, olúkúlùkù sì ní òkú tirẹ̀ lọ́kàn. Ọmọ tó tọ́ dàgbà ni ìyá ń gbọ́. Ohun tó jẹ́ pé aṣọ ara rẹ̀ nìkan lòun fi dá a mọ̀ ni bàbá ń gbọ́. Bí òkú bá wọlé, tòun ti osùn lójú, ìjà parí: bàbá ló jàre, ìyá ṣìnà, ó kù ká máa wo ẹni tó kun òṣèré.

Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn ṣe pàtàkì fún wa ju bó ṣe jẹ́ fún Gẹ̀ẹ́sì lọ, mo sì ti gé e dànù nítorí pé mo rò pé ó burú jù. Èrò tiwa mọ àkúdàáyà. Àkúdàáyà kì í fi ojú fífọ́ rìn. Ó lè máa tajà nílùú mìíràn, kó tilẹ̀ láya, kó bímọ. Bí a kò bá gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ fi Herbert ṣe, ìdajì èrò yóò máa gbàdúrà kí ìyá tètè ṣílẹ̀kùn, wọn ò sì jẹ̀bi. Nítorí náà, kí bàbá tó tọrọ ìkejì ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́, lẹ́nu kíkorò, kí ìyá gbọ́ ọ yékéyéké, kó sì tún ní kó tọrọ ọ.

Ó ku ariwo náà fúnra rẹ̀. Jacobs jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ, kó tó wá máa ga. Èmi fi "gbà! gbà! gbà!" bẹ̀rẹ̀, kò wá sí ibi tí n óò gbé e gùn mọ́. Lẹ́yìn náà, mo kọ àdúrà gígùn sí bàbá lẹ́nu fún ìtọrọ kẹta, ó kù díẹ̀ kó ní àmín. Ìtàn kò sọ ohun tí ó tọrọ, kò sì yẹ kí eré sọ ọ́. Dídákẹ́ ilẹ̀kùn ni yóò jẹ́ ká mọ̀. Ṣùgbọ́n kó dákẹ́ láàárín ni: bó bá parí síbi tí kíkàn pé mẹ́ta, èrò á rò pé ọwọ́ ló ro ẹni náà. Ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan tí yóò gbọ́ kó tó mọ ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró, níwọ̀n bí ètè bàbá nìkan ti ń mì. Mo ti fi gbólóhùn kan rọ́pò àdúrà náà nínú ìwé: bàbá ju ọwọ́ ọ̀bọ lu pákó ilẹ̀, ìró yẹn ni àmì fún akànlẹ̀kùn. Kí wọ́n fi igi gbẹ́ ọwọ́ náà, kó lè dún dáadáa.